Ọṣẹ olóòórùn kọ́ ló ń bọ́ ilé-iṣẹ́

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń po ọṣẹ ní Àjàṣẹ́ yìí, ẹ óò gbọ́ ọ pé ọṣẹ olóòórùn, èyí tí oníbàárà ní kí wọ́n bá òun ṣe lọ́tọ̀, ni èrè wà. Pé ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà Wàndó, torí kí iná má baà kú lábẹ́ àgbá ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, òdìkejì rẹ̀ gan-an ló rí. Bí wọ́n ṣe ń pín owó ló ń tàn wọ́n jẹ.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣírò ìwé. Mo ti tún iye rẹ̀ ṣe kó lè rọrùn. Lóṣù, ọṣẹ ìfọṣọ 9,000 àti olóòórùn 1,000 ló ń jáde níbẹ̀. Epo, sódà àti owó ọwọ́ ń jẹ 140 sẹ́fà lórí ìfọṣọ kan, 240 lórí olóòórùn. Wọ́n ń ta ìfọṣọ ní 225, wọ́n ń ta olóòórùn ní 450. Lẹ́yìn èyí, 600,000 sẹ́fà tún ń lọ lóṣù lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè nàka sí ọṣẹ kan pé òun ló jẹ ẹ́. (Owó ilé ò sí nínú rẹ̀; mo yọ ọ́ sápá kan.)

Ìyá tó ni ibẹ̀ pín in bí gbogbo ayé ṣe ń pín in. Wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 500 lóṣù, wákàtí kan sì di 1,200 sẹ́fà. Ìṣẹ́jú 3 ni ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ti ìfọṣọ tàbí olóòórùn, nítorí náà 60 sẹ́fà ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè ìfọṣọ jẹ́ 25, ti olóòórùn jẹ́ 150.

"Àbúrò, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Mà." Ìṣirò náà ò ní àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nídìí àgbá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ po ọṣẹ pupa tán. Ọmọkùnrin méjì ha àgbá, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kó àpótí tí wọ́n ń da ọṣẹ sí kúrò, wọ́n gbé àwọn kéékèèké wọlé. Síbẹ̀, abọ́ àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ilà pupa lára. Wọ́n pín in fúnra wọn láti fi fọṣọ. Bóyá ọṣẹ 80 ni wọ́n fẹ́ dà tàbí 800, fífọ̀ yẹn ò yí padà. Kò mọ iye ọṣẹ, ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ àwọ̀ nìkan ló mọ̀.

Nítorí náà mo pín 600,000 yẹn sí àpò mẹ́ta, mo sì wá ohun tó ń fa owó jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná àti epo ẹ̀rọ jẹ́ 200,000. Wákàtí ẹ̀rọ ló ń fà á: 90 fún ìfọṣọ, 10 fún olóòórùn. Fífọ àgbá jẹ́ 240,000. Ìgbà 20 ni wọ́n fọ̀ ọ́, 8 nítorí ìfọṣọ, 12 nítorí olóòórùn. Gbígba iṣẹ́, dídì í àti gbígbé e fún alálùpùpù jẹ́ 160,000. Oníbàárà olóòórùn bèèrè nígbà 30, ti ìfọṣọ nígbà 10 péré, torí àwọn ìyá Wàndó ń kó o ní àkójọ.

Olóòórùn jẹ 20,000 nínú àpò kìíní, 144,000 nínú èkejì, 120,000 nínú ẹ̀kẹta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 284,000, ìyẹn 284 lórí ọṣẹ kan, kì í ṣe 60. Bí a bá fi 240 kún un, ó di 524, wọ́n sì ń tà á ní 450. Àdánù 74 ni. Nǹkan bí 35 ló bọ́ sórí ìfọṣọ, èrè rẹ̀ sì di 50. Èrè oṣù ò yí padà, 375,000 ló ṣì jẹ́. Ẹni tó ń mú un wá ló yí padà.

Àmì kan tiẹ̀ ti wà ńlẹ̀ pé iye tí wọ́n ń ta olóòórùn kéré jù: àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í ná an, nígbà tí àwọn mìíràn tó ń ta ìfọṣọ ládùúgbò kò yé já owó tiwọn wọlẹ̀ ju ti Ìyá lọ.

Bí gbogbo irú ọjà tí ẹ ń ṣe bá ń lo ẹ̀rọ, fífọ̀ àti oníbàárà ní ìwọ̀n kan náà, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó láti fi pín owó, ẹ má da ara yín láàmú. Àpò tèmi náà ò sì pé: fífọ̀ lẹ́yìn pupa pẹ́ ju lẹ́yìn funfun lọ, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà ni mo kà. Ìṣẹ́jú ì bá sàn jù, bí ẹnikẹ́ni bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá fẹ́ pa olóòórùn tì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kó rọra. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún àwọn ọmọkùnrin yẹn. Bí olóòórùn bá lọ, kì í ṣe gbogbo 284,000 ni yóò bá a lọ. Ohun tí a ṣe ni pé a kó àwọn iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ sí ọjọ́ kan, a ń po funfun kọ́kọ́, pupa kẹ́yìn, kó má baà gba fífọ̀ láàárín. Ìgbà 12 di 5. Iye tí wọ́n ń ná lóṣù ò tíì dín ní kọ́bọ̀ kan, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àárọ̀ tó ṣẹ́kù po ìfọṣọ sí i, tí wọn ò sì pe òṣìṣẹ́ ojúmọ́ mọ́.