Àtúnṣe lórí ìròyìn àgbàdo Kẹ́ńyà tí ń kiri

"Àwọn onímọ̀ ní Kẹ́ńyà ti fi hàn pé bí a bá gbin dẹsimódíọ̀mù sáàárín àgbàdo, ìkórè á di ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Iléṣà, ẹ tètè ra irúgbìn rẹ̀."

Ìlérí yìí kò tọ̀nà fún ilẹ̀ Iléṣà. Ewéko kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà ni dẹsimódíọ̀mù. Òótọ́ ni pé àgbàdo ń ṣe dáadáa sí i lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba ìkórè wọn jẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, èpò sítírígà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọnú gbòǹgbò àgbàdo láti fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu, jẹ́ ọ̀tá ńlá. Ohun tí gbòǹgbò dẹsimódíọ̀mù ń tú sílẹ̀ máa ń mú kí irúgbìn sítírígà hù, kì í sì í jẹ́ kí ó lè lẹ̀ mọ́ àgbàdo, nítorí náà yóò kú. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú èrè náà ti wá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ní apá àríwá ni èpò yìí pọ̀ sí ní Nàìjíríà. Ó ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ igbó bíi tiwa. Ẹni tí kò bá ní sítírígà lóko kò lè retí irú èrè yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko náà lè bo ilẹ̀, kí ó sì fún un lọ́ràá díẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ rọra hú àgbàdo kan tí ewé rẹ̀ ti ń rọ tòun ti erùpẹ̀, kí ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Bí kò bá sí ewéko kékeré kankan tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ kò sì rí òdòdó aláwọ̀ àlùkò nídìí àgbàdo, ọ̀ràn náà wà níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dán an wò lè gbìn ín sí ebè mélòó kan, kí ó fi àwọn ebè tí kò ní in sí ẹ̀gbẹ́ wọn, pẹ̀lú irúgbìn àgbàdo kan náà, ọjọ́ ìgbìn kan náà àti ajílẹ̀ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́, kí owó irúgbìn tó jáde lápò àwọn àgbẹ̀ wa.