Ìtọ̀ Lẹ Wọ̀n, Ẹ Ò Wọn Ẹ̀jẹ̀

Ó ti sú mi! Ẹnìkan tún ti ki bébà tó ń yí àwọ̀ padà bọ inú ìtọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń jẹ ewébẹ̀ àti èso, pH ìtọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, kúrò ní 5.5, ó di 7.5, ló bá ń kéde pé ásíìdì ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Irọ́ ni! Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, pH ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò láàárín 7.35 sí 7.45, ohun yòówù kó jẹ. Ẹ̀dọ̀fóró ń mí afẹ́fẹ́ kábónì-dáyọ́ọ́sáìdì síta, kíndìnrín sì ń da ásíìdì tàbí òdìkejì rẹ̀, álíkálì, tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀. Àwọ̀ tó yí padà yẹn gan-an ló fi hàn pé kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá já sí 7.2 lóòótọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ewébẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ ń lé ásíìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ló ní ká má jẹ purotéènì pọ̀ mọ́ sítáàṣì. Ẹ̀wà ńkọ́? Méjèèjì wà nínú hóró kan ṣoṣo! Oje tó ń da purotéènì àti èyí tó ń da sítáàṣì jọ ń wọ inú ìfun kékeré ni, wọn kì í bára wọn jà.