Ṣé lóòótọ́ ni Ghezo kọ òwò ẹrú? Àríyànjiyàn lórí The Woman King

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn. Èmi àtàwọn ọmọ mi wo The Woman King lálẹ́ àná, sinimá tó dá lórí àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhómì. Ṣé lóòótọ́ ni Ọba Ghezo ti Dàhómì kọ òwò ẹrú, tó wá jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ló ń kó wọn lẹ́rú? Àbíkẹ́yìn mi ń bi mí pé ṣé èèyàn burúkú ni wá ni.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ ní kó wá béèrè lọ́wọ́ àwa Ẹ̀gbá! Dàhómì ṣígun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì la lé wọn. Àbí ọjà ni wọ́n wá ná?

Akọ̀wé Kékeré: Sinimá náà ò parọ́ o. Ọdún 1823 ni wọ́n fi ìtàn yẹn sí, ìgbà yẹn gan-an ni Ghezo ja ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìṣákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà ló pa òwò ẹrú tì, tó gbájú mọ́ epo pupa. Nanisca, ọ̀gágun àwọn obìnrin inú rẹ̀, náà wà láyé rí, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.

Àgbà Òpìtàn: Akọ̀wé, o gba ti ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ tó ń bẹ nínú sinimá yẹn ti lágbára jù. Nígbà náà, Àfọ̀njá Kakaǹfò ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, ilé ti ń wó lé Ọ̀yọ́ lórí. Ghezo rí i pé ọwọ́ ọ̀gá ti rọ, ló fi jà.

Ti òwò ẹrú ni wọ́n ti fa ọdún mọ́ra. Òótọ́ ni pé wọ́n jiyàn lórí ẹrú àti epo pupa láàfin Ghezo ní Àgbómè, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọdún 1850, nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fúngun mọ́ Ghezo. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún wọn pé òwò yẹn lòun fi ń jẹun. Ó di 1852, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun wọn dí etíkun rẹ̀ pa, kó tó tọwọ́ bọ̀wé, síbẹ̀ kò mú un ṣe délẹ̀. Wọ́n mú ìjà 1823, wọ́n mú àríyànjiyàn ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lù wọ́n pọ̀ bí ẹyin.

Akọ̀wé Kékeré: Nanisca ńkọ́?

Àgbà Òpìtàn: Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Nansica. Aṣojú Faransé kan, Bayol, rí i ní 1889 níbi tí wọ́n ti ń dán an wò pé bóyá ó lè pa ènìyàn. Ọ̀dọ́ ni, kì í ṣe ọ̀gágun. Ó kú lójú ogun Kútọnù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nawi, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ogun nínú sinimá náà, ní tirẹ̀ bá Faransé jà ní 1892, ìyá àgbà ni nígbà tó kú ní 1979. Orúkọ wọn nìkan ni wọ́n yá.

Ará Àjàṣẹ́: Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni bí wọ́n ṣe lọ jó Ouidah, èbúté tí wọ́n ti ń ta ẹrú, nínú sinimá náà. Dàhómì ló ni Ouidah láti 1727! Ṣé èèyàn ń jó ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ni? Oníṣòwò ẹrú ará Bùràsílì tó ń gbé ibẹ̀, de Souza tí wọ́n ń pè ní Chacha, ọ̀rẹ́ Ghezo ni. Òun ló ràn án lọ́wọ́ tó fi gba oyè lọ́wọ́ Adandozan ní 1818. Wọ́n yí i padà di Ferreira, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tá. Bí Ọ̀yọ́ bá ń ta ẹrú, Àjàṣẹ́ ilé wa níbí àti Àgbádárìgì ló ń kó wọn gbà. Ẹ má fi ìyẹn pamọ́ fún ọmọ yẹn o.

Ṣadé L.: Ọ̀gágun Ọ̀yọ́ tí wọ́n sọ ní "Ọba Adé" ńkọ́? Ta ni yóò máa jẹ́ Ọba níwájú Aláàfin? Balógun wà, Kakaǹfò wà, wọn ò rí ìyẹn mú!

Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn: Èmi ò wò ó, mi ò sì ní wò ó. Ìlú wa ni Dàhómì fọ́ ní 1848. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú Àínà, ọmọdé tí Ghezo fi ta ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ní 1850, tí wọ́n wá ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Ẹni tó kórìíra òwò ẹrú ló fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹ̀bùn?

Akọ̀wé Kékeré: Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n sinimá ni, kì í ṣe kíláàsì ìtàn. Ó kéré tán, ayé ti mọ̀ pé àwọn obìnrin yẹn wà.

Ọmọ Lísàbí: Abẹ́òkúta ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

Àgbà Òpìtàn: Mi ò bá ẹni tó ń da ìtàn pọ̀ jà, gbogbo àwọn tó ń ṣe eré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ì bá fi ìtàn náà sí 1851, kí jàgídíjàgan epo àti ẹrú bọ́ sí àsìkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn àwọn Ẹ̀gbá ló ń gbèjà ilé wọn, akọni inú sinimá ni yóò sì wá di ẹni tó ń wá kó wọn lẹ́rú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé o. Màá sọ fún un pé Ọ̀yọ́ tà, Dàhómì náà tà. Ó ti tún ń bi mí ẹni tó ń rà.