Èsì wa fún Ìyá Ìyàwó lórí báńà tí a tún orúkọ rẹ̀ ṣe

Ohun tí oníbàárà kọ (ìràwọ̀ 3 nínú 5): "Ifẹdọlapọ ni mo ní kí wọ́n kọ, Ifẹdapọ ni wọ́n kọ sára báńà ìgbéyàwó ọmọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an la rí i. Ọ̀gá kò wá, wọn kò sì tẹ òmíràn. Ọmọ kékeré kan ni wọ́n rán sí wa pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ó lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn. Kò hàn nínú fọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sún mọ́ ọn mo rí etí rẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ránṣẹ́, báwo ló ṣe yí padà?"

Èsì láti ṣọ́ọ̀bù:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa ni, mo sì máa sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé pérépéré, ó ṣì wà lórí fóònù mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé báńà kan tí a ti ṣe rí lẹ ní ẹ fẹ́ irú rẹ̀, fáìlì ti ìjọ́sí yẹn náà ni mo sì ṣí. Mo yọ fọ́tò wọn, mo fi ti àwọn ọmọ yín sí i. Mo yí déètì, mo yí orúkọ ọkọ. Ìyàwó ti ìjọ́sí ló ń jẹ́ Ifẹdapọ. Ojú mi rí "Ifẹ" níwájú, ó rí "apọ" lẹ́yìn, mo bá gbà pé mo ti yí ìyẹn náà. Ọwọ́ mi ló ti wá o, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Lóòótọ́ mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sì ní ó dára, ṣùgbọ́n aago 11 òru ni, báńà fíìtì 10 sí 8 kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lójú fóònù. Èmi tí kọ̀ǹpútà ńlá wà níwájú mi ló yẹ kí n rí lẹ́tà méjì tí kò sí níbẹ̀.

Ní ti pé n kò wá: Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà láti ọjọ́ Ẹtì, níbi òkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Aago 6:40 àárọ̀ Sátidé ni àbúrò ìyàwó fi fọ́tò ránṣẹ́, ìdána sì jẹ́ aago 10. Ọmọ iṣẹ́ mi nìkan ló wà ní Ṣómólú, torí inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Ẹ pè é ní ọmọ kékeré. Ojú rẹ̀ ló kéré, Mà. Ó ti pé ọmọ ọdún 19, ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí.

Mo pè é, mo ní kó sáré lọ tẹ báńà mìíràn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa ná." Mo wò ó. Ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ti na báńà náà sórí férémù irin, ó ti fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ òdòdó yí etí rẹ̀ ká, ó sì ti so iná mọ́ ọn. Ẹni méjì ló ṣe é di aago 2 òru. Bí a bá tẹ òmíràn, ta ló máa tú gbogbo ìyẹn, tí yóò tún un tò kí aago 10 tó lù? Báńà tuntun lè dé Gbàgádà, kó má ríbi gbé e kọ́.

Mo ní ó dáa, kó tẹ lẹ́tà méjì tó kù kó lẹ̀ ẹ́ sáàárín. Ó tún ní rárá. Lẹ́tà méje ló wà ní Ifẹdapọ, mẹ́sàn-án ló wà ní Ifẹdọlapọ, àárín báńà ni orúkọ sì wà. Tí méjì bá wọlé, gbogbo ìyókù ló máa sún, èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì máa yọjú lábẹ́. Ìlà orúkọ náà lódindi ló gbọ́dọ̀ bò. Ẹ rántí pé ìlà wúrà kan wà lókè orúkọ, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Ó ní etí ìta ìlà wúrà méjèèjì yẹn ni òun máa gé àbùlẹ̀ sí, kí ojú lè máa wo ìlà, kó má wo etí àbùlẹ̀. Ká sọ òótọ́, èmi kò ronú débẹ̀.

Ó pe ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́, ó ní kó fi téèpù wọn ìlà wúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú fáìlì, ínṣì 62 ni. Lára férémù, ó jẹ́ 62 àti ààbọ̀, torí fléẹ̀sì máa ń fà díẹ̀ tí wọ́n bá nà án. Ààbọ̀ ínṣì kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n ó tó kí ìlà wúrà má pàdé ara wọn. Ó ṣí `CorelDRAW`, ó gé ibẹ̀ nìkan kúrò nínú fáìlì yín, ó sì sọ ọ́ di 100.8%. Fọ́ǹtì alálàyípo tí a lò kò ní ẹ tàbí ọ nínú, nítorí náà ó fa àmì ìdánudúró fọ́ǹtì náà wá, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ló tẹ `Ctrl+Q`, tí gbogbo lẹ́tà fi di àwòrán. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ibi tí a ti ń tẹ̀wé kò bá ní fọ́ǹtì yẹn, òmíràn ni yóò fi dípò rẹ̀. À bá tún ti ní àṣìṣe kejì lórí èkíní.

Àwọ̀ ló fẹ́ dá a dúró. Ẹ mọ̀ pé àwọ̀ ẹ̀yìn báńà yẹn kò dọ́gba, ó funfun lókè, ó ń pọ́n bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé inú fáìlì kan náà ló ti gé e, ìyẹn kò ṣòro. Èyí tó ṣòro ni ẹ̀rọ. A kò ní ẹ̀rọ ńlá tiwa. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní i ni a máa ń gbé iṣẹ́ lọ, bí ọ̀pọ̀ wa ní Ṣómólú ti ń ṣe. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ báńà yín gan-an, torí fáìlì kan náà lórí ẹ̀rọ méjì kì í ní àwọ̀ kan náà. Ó sì mú nǹkan kan dání: pélébé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gé kúrò létí báńà yín lọ́jọ́ tí a tẹ̀ ẹ́. Ó ti yẹ kí n ti dà á nù. Òun ló kó o sábẹ́ tábìlì.

Wọ́n tẹ díẹ̀ wò, ó gbé pélébé yẹn lé e. Tuntun funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ náà ní kí wọ́n jọ jáde síta, kí wọ́n wò ó nínú oòrùn. Nígbà náà ni ọkùnrin náà rántí pé iṣẹ́ kánjúkánjú kan ló ṣe mọ́jú, ó sì ti dín iye ìgbà tí orí ẹ̀rọ ń kọjá lójú kan náà kù. Tí ìyẹn bá dín, íǹkì tó ń bọ́ sílẹ̀ á fẹ́lẹ́. Ó dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tiyín, wọ́n tún un tẹ̀, ó bára mu. Ó gbé e síwájú fáànù, ó ń fi àtàǹpàkò pa á létí títí íǹkì fi kọ̀ láti bá ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Aago 8:50 ló dé gbọ̀ngàn. Ẹ ní gọ́ọ̀mù ló gbé wá. Gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà ni, èyí tí wọ́n ń fi sí ojú méjèèjì, tí wọ́n á jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á pọ̀. Etí nìkan ló fi í sí, ìbú ínṣì 2 yíká, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí tó bá pọ̀ á mú kí fléẹ̀sì wú. Ìṣòro gọ́ọ̀mù yìí ni pé bó bá ti gbá ara mú, kò sí pé mo fẹ́ sún un. Ohun tó ṣe ni pé ó ya ìwé ìròyìn, ó fi í sáàárín àbùlẹ̀ àti báńà, kí wọ́n má bàa kan ara wọn. Ó to ìlà wúrà òkè títí ó fi gún, ó tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀, ó wá ń fa ìwé ìròyìn náà jáde nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún láti àárín lọ sí etí.

Fléẹ̀sì tí a nà sórí férémù kò ní ẹ̀yìn tó le. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á sá lọ. Ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ ló ràn án lọ́wọ́, ó dúró lẹ́yìn báńà, ó sì gbé ọ̀kan nínú tírè ńlá tí ẹ fẹ́ to èso sí tì í. Ibi tí ọ̀kan bá ti ń tẹ̀ níwájú, ibẹ̀ ni èkejì ń gbé tírè lọ. Aago 9:35 ló pè mí pé ó ti tán.

Etí tí ẹ rí, ẹ rí i lóòótọ́, n kò ní bá yín jiyàn. Fléẹ̀sì nípọn díẹ̀, tí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, á jẹ́ kí òjìji díẹ̀ hàn létí. Sítíkà ì bá fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n á máa dán yàtọ̀ sí ìyókù nínú gbogbo fọ́tò, àwọn lẹ́tà dúdú àtijọ́ sì lè hàn gba inú rẹ̀. Fọ́tò la rò pé ó máa ká yín lára jù, òun la mú.

Àbùlẹ̀ yìí kò wà fún ọdún méjì, Mà. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú báńà náà, ẹ ká a ni, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ibi tó bá ṣẹ́ ni yóò ti ṣí. Tí ẹ bá sì fẹ́ tuntun, ọ̀fẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ á gbé e wá fún yín. Láti ọjọ́ yẹn, tí a bá ṣí fáìlì àtijọ́, orúkọ la kọ́kọ́ ń pa rẹ́ pátápátá kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, a ò sì tún tẹ orúkọ mọ́, inú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ la ti ń dà á kọ.

Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín lórí tírè yẹn. Gọ́ọ̀mù ta sí i létí, kò sì lè sọ fún yín lọ́jọ́ náà torí àwọn àna ti ń wọlé. Tí kò bá tíì kúrò, ẹ fi epo pẹtiróò díẹ̀ sí òwú kí ẹ fi nù ún, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.