Èsì wa sí oníbàárà tó ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́

“Ìràwọ̀ kan ni mo fún wọn. Bátìrì tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù yín kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná bátìrì ti tàn pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Kòrólà 2005 mi láàárọ̀ yìí. Ẹ wo fọ́tò. Iná ẹ́ńjìnnì tàn, BRAKE náà tàn, sítíárìn wá le bí òkúta. Mo ti páàkì sí Ìlíṣàn. Ṣé mo lè rọra wà á wá bá yín n'Íjẹ̀bú-Òde kí ẹ pààrọ̀ bátìrì yín?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wà á wá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ páàkì sí, ẹ pa á ná, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí mo ṣí fọ́tò yín, iná kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí ni mo wò, mo sì rí i pé ó dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ 1. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn nígbà tí ẹ ya á. Ká ní orí 0 ló wà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, torí pé téèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú iná wọ̀nyí ló máa ń tàn fúnra wọn, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé gílóòbù wọn ò tíì jó. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà, ó yẹ kí wọ́n kú. Tiyín ò kú.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú fọ́tò náà, iná kankan ò tàn fún un, ẹ̀yin náà ò sì mẹ́nu kàn án. Ẹ wo abẹ́rẹ́ kékeré tó wà láàárín C àti H. Bí ọkọ̀ yín bá ti gbóná dé ibi tó yẹ, ìsàlẹ̀ àárín díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dúró sí, kì í kúrò níbẹ̀ bóòrùn mú bí òjò rọ̀. Nínú fọ́tò, ó ti kọjá àárín, ó ti ń lọ bá H. Ẹ wá fi èyí ti sítíárìn tó le àti iná bátìrì tó pupa. Ohun mẹ́ta yìí ò ṣàdédé pàdé lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé fáànbẹ́ẹ̀tì yín ti já, tàbí pé ó ti bọ́.

Ọkọ̀ yín ò ní ju bẹ́ẹ̀tì kan lọ níwájú ẹ́ńjìnnì. (Fáànbẹ́ẹ̀tì la ń pè é, àmọ́ iná ló ń yí fáànù rádíétọ̀ tirẹ̀.) Bẹ́ẹ̀tì kan yẹn ló ń yí àtánétọ̀ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀, òun ló ń yí pọ́ǹpù tó ń mú sítíárìn fúyẹ́, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Ó já báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ibi tó ti ń tan awakọ̀ jẹ nìyẹn, torí pé iná inú bátìrì ló ń jẹ. Ká sọ pé àtánétọ̀ nìkan ló bàjẹ́ tí omi ṣì ń yí, mi ò bá ní kí ẹ pa éṣì àti rédíò, kí ẹ wà á lọ sọ́dọ̀ ríwáyà tó bá sún mọ́ yín jù kí iná inú bátìrì tó tán. Ṣùgbọ́n omi tó dúró sójú kan ò ní fún yín láyè bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á hó, orí sìlíńdà á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Owó àtúnṣe ìyẹn ju owó bátìrì àti bẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ fíìfíì. Láti Ìlíṣàn dé ọ̀dọ̀ wa ti jìnnà jù fún un.

Iná bátìrì pàápàá, ẹ̀gbọ́n, orúkọ rẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Kì í sọ pé bátìrì kú. Ohun tó ń sọ ni pé iná tuntun ò wọlé sí i mọ́. Bátìrì tó ti gbó lè wà nínú ọkọ̀ fún oṣù mélòó kan kí iná yẹn má tàn rárá.

BRAKE tó pupa yẹn ò dẹ́rù bà mí, torí mo rí i pé ẹ fa háńdìbíréèkì sókè nígbà tí ẹ páàkì. Ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, kí ẹ wò ó bóyá á kú. Bí kò bá kú, ẹ wo òróró bíréèkì nínú ike rẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá ìlà MIN, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn títí a ó fi mọ ibi tó ń jò.

Iná ẹ́ńjìnnì tó yẹ́lò, bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, ó lè dúró di ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ń ṣẹ́jú, ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré, torí pé pílọ́ọ̀gì kan ò jó epo, epo yẹn sì ń lọ ba nǹkan jẹ́ nínú sàlẹ́ńsà. Tiyín lè jẹ́ nítorí iná tó lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wò ó, bóyá P0562 ni wọ́n máa rí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná ọkọ̀ ò tó. Inú mi dùn pé iná agolo òróró ò tàn ní tiyín. Ká ní ó tàn pupa pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ ṣe rí i lẹ ó ṣe pa á.

Ohun tí ẹ ó ṣe nísinsìnyí rèé. Ẹ jẹ́ kó tutù fún bí wákàtí kan, kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rádíétọ̀, omi gbígbóná tó wà níbẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ kì í jókòó sí. Bí bẹ́ẹ̀tì dúdú gígùn ò bá sí lórí àwọn wíìlì tó wà níbẹ̀, tàbí tó fi ara rẹ̀ ṣe wọ́kọwọ̀kọ, a ti rí i nìyẹn. Mẹkáníìkì lè wọ tuntun fún yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fọwọ́ yí wíìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń gán tàbí tó ń ké ló gé èyí àkọ́kọ́, yóò sì gé èkejì. Bí bẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀ tó le dáadáa, èmi ni mo ṣì í, kí wọ́n wá gbé mítà sí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Láàárín 13.8 sí 14.5 fóòtì ló yẹ kó wà.

Ní ti bátìrì wa, mo yẹ ìwé tí a kọ lọ́jọ́ tí ẹ rà á wò. Ó jẹ́ 12.7 kí a tó sítáàtì, ó jẹ́ 14.1 lẹ́yìn tó gbà. Àtánétọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí a ò ṣe ni pé ọmọ iṣẹ́ wa ò tan tọ́ọ̀ṣì sí bẹ́ẹ̀tì kó wò ó bóyá ó ti ń sán. Ó yẹ kó wò ó, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé tán, a ó gba bátìrì náà, a ó ṣáájì rẹ̀ di ọjọ́ kejì lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì dán an wò lójú yín. Bí ó bá kùnà, a ó fún yín ní tuntun láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ ya fọ́tò ọwọ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì yẹn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méje, bó bá sì gba kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà, mo mọ onítóòyìn kan tí kò jìnnà sí yín.