Ẹ Yéé Fi Kọ́mà Lẹ Gbólóhùn Mọ́ra Nínú Ímeèlì Ìpàdé

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Ẹnìkan fẹ́ bá ẹlòmíràn ṣèpàdé. Gbogbo ohun tó ní í sọ kò ju gbólóhùn mẹ́fà lọ. Kàkà kó sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò kó gbogbo wọn sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, yóò sì máa ju kọ́mà sí i níbikíbi tí èémí bá ti gé e. Bó bá ti fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ti parí lójú tirẹ̀. Ẹni tó gba ímeèlì náà ni yóò wá jókòó tì í, tí yóò máa tú u bí ẹni ń tú okùn tó ta kókó.

Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí:

«Ẹ kú iṣẹ́, mo fẹ́ ká ṣèpàdé lórí àdéhùn tuntun yẹn, mo ti kà á, ó kù díẹ̀, mo máa wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́wàá, mo ní ìpàdé mìíràn, lọ́sàn-án, a lè ríra, ìṣẹ́jú 30 ti tó, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ tó bá rọrùn ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ẹ ṣé.»

Kọ́mà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Àmì ìdánudúró ẹyọ kan péré ló wà, ìparí pátápátá ni wọ́n sì fi í sí. Bí a bá yọ ìkíni àti ọpẹ́ kúrò, gbólóhùn mẹ́sàn-án tó lè dá dúró fúnra wọn ni wọ́n fún pọ̀ síbẹ̀. Tí ènìyàn bá sì ráhùn, wọ́n á ní, «Ṣebí ó yé yín?» Rárá o, kò yé ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àkókò ìpàdé, torí òun gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ kọ̀wé. Ìgbà wo ni kí ẹni tó ń kà á wá? Ó lè kà á báyìí: «Mo máa wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láago mẹ́wàá. Mo ní ìpàdé mìíràn lọ́sàn-án. A lè ríra.» Ìyẹn ni pé kó wá láago mẹ́wàá. Ó sì tún lè kà á báyìí: «Mo máa wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láago mẹ́wàá, mo ní ìpàdé mìíràn. Lọ́sàn-án, a lè ríra.» Ìyẹn ni pé kó má wulẹ̀ yọjú láago mẹ́wàá rárá, kó wá lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò sì sí lẹ́tà kan tó yí padà. Síbẹ̀, ìtumọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn pátápátá. Ẹni méjì tí wọ́n fi ímeèlì yìí ránṣẹ́ sí lè kà á dáadáa, kí ọ̀kan dé láàárọ̀, kí èkejì dé lọ́sàn-án, kò sì sí èyí tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣẹ̀.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àkókò lè wà níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn Yorùbá, ó sì lè wà ní ìparí rẹ̀. «Mo ní ìpàdé láago mẹ́wàá» dára. «Láago mẹ́wàá, mo ní ìpàdé» náà dára. Tí ẹ bá wá fi kọ́mà sí iwájú «láago mẹ́wàá», tí ẹ tún fi òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ti já a sílẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì láìsọ èyí tó ni ín. Àmì ìdánudúró nìkan ló lè sọ ọ́. Bó bá wà ṣáájú «láago mẹ́wàá», gbólóhùn tó ń bọ̀ ló ni àkókò náà. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló ni ín. Ẹyọ àmì kékeré kan yìí ni wọ́n ń ṣahun rẹ̀!

Mi ò tíì débi «ó kù díẹ̀». Kí ló kù díẹ̀? Ṣé ìwé kíkà ni kò tíì parí, àbí àdéhùn náà fúnra rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ti èkejì, àríwísí ni, ẹni tó kọ àdéhùn náà yóò sì wọlé ìpàdé pẹ̀lú ojú líle. Kọ́mà tó wà ṣáájú «ó» kò sọ ohun tó so ó mọ́ «mo ti kà á». Ká ní ẹni tó kọ ọ́ ti fi ìdánudúró síbẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ì bá rí i pé gbólóhùn oníṣílébù mẹ́rin lásán ló kù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ì bá sì parí rẹ̀: «Ó kù díẹ̀ kí n kà á tán.» Iṣẹ́ tí ìdánudúró ń ṣe fún ẹni tó ń kọ̀wé nìyẹn. Ó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ kù hàn án kó tó fi ránṣẹ́. (Àwọn tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ló tún ń bà á jẹ́ jù. Tí wọ́n bá kọ «o» lásán lẹ́yìn kọ́mà, a ò ní mọ̀ bóyá ìwọ ni àbí òun.)

Ìdí ímeèlì náà ló wá burú jù, torí ibẹ̀ ni wọn ò tiẹ̀ fi kọ́mà sí mọ́: «ẹ jẹ́ kí n mọ̀ tó bá rọrùn ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀». «Tó bá rọrùn» jẹ́ awẹ́ gbólóhùn afarahẹ. Kò lè dá dúró. Olórí awẹ́ gbólóhùn kan ló gbọ́dọ̀ fara hẹ, ó sì lè wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Níbí, olórí méjì ló wà nítòsí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ṣé «ẹ jẹ́ kí n mọ̀ tó bá rọrùn» ni? Nígbà náà, dandan ni kí ọ̀gá wá. Àbí «tó bá rọrùn, ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀» ni? Nígbà náà, ọ̀gá lè má wá tí kò bá rọrùn fún un. Ẹni tó ń kọ̀wé kò fẹ́ kí ọ̀gá kùnà ìpàdé yìí o, àmọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣílẹ̀kùn fún un láti má wá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba àsìkò. Ẹ fi ìka lé kọ́mà kan. Ẹ ka apá òsì rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì ka apá ọ̀tún rẹ̀ nìkan. Bí apá kọ̀ọ̀kan bá ní olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, tó sì dá dúró láìnílò èkejì, kọ́mà nìkan kò tó láti so wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún «kò» níbi àyẹ̀wò yìí. Nínú «Mo pè yín, kò wọlé», «ó» ti pa jẹ níwájú «kò», nítorí náà àwọn ènìyàn a máa rò pé apá ọ̀tún kì í ṣe odidi gbólóhùn. Odidi ni. Olùwà rẹ̀ ni kò hàn sójú.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti bá wọn wí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ibi tí kò yẹ kí wọ́n gé. «Ẹ mú ìwé náà dání wá» kò fẹ́ kọ́mà, kò sì fẹ́ ìdánudúró láàárín. Olùwà kan ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òwe náà yàtọ̀. «Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè» jẹ́ odidi gbólóhùn méjì, kọ́mà sì gbé e, torí pé apá méjèèjì bára dọ́gba, wọ́n sì dojú kọ ara wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn tó lè ṣí lọ sí apá kejì. Ímeèlì tó ń dá ọjọ́ àti aago kì í ṣe òwe.

Bí ẹ bá fẹ́ so gbólóhùn méjì pọ̀, ọ̀rọ̀ wà fún un: ṣùgbọ́n, nítorí pé, torí náà, sì. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ má fi «àti» ṣe é. «Mo ti kà á àti mo fẹ́ ṣèpàdé» kì í ṣe Yorùbá. Orúkọ ni «àti» ń so pọ̀, bí ọjọ́ àti aago. «Sì» ló ń so gbólóhùn, ẹ̀yìn olùwà ló sì ń jókòó sí: «Mo ti kà á, mo sì fẹ́ ká ṣèpàdé.»

Ímeèlì òkè yẹn nìyí bó ṣe yẹ kó rí:

«Ẹ kú iṣẹ́.

Mo fẹ́ ká ṣèpàdé ìṣẹ́jú 30 lórí àdéhùn tuntun yẹn. Mo ti ń kà á, ó sì kù díẹ̀ kí n kà á tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa wà ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n mo ní ìpàdé mìíràn láago mẹ́wàá àárọ̀. Ṣé a lè ríra láago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn? Ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá rọrùn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.

Ẹ ṣé.»

Gbólóhùn mẹ́fà ni láàárín ìkíni àti ọpẹ́. Kọ́mà mẹ́rin ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Méjì wà ṣáájú «ó sì» àti «ṣùgbọ́n». Méjì yòókù wà lẹ́yìn «lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun» àti «tó bá rọrùn», tí wọ́n ṣáájú olórí gbólóhùn wọn. Ẹ tún wo ohun tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́ rárá, ìyẹn àmì ìbéèrè. Ìbéèrè ni ìpàdé bíbéèrè. Nígbà tí «a lè ríra» wà láàárín kọ́mà méjì, kò jọ ìbéèrè, kò sì sí ẹni tó rò pé wọ́n ń retí èsì lórí rẹ̀. Ìgbà tí gbólóhùn náà dá dúró ni «ṣé» rí àyè níwájú, tí àmì ìbéèrè sì rí àyè lẹ́yìn. «Lọ́sàn-án» pàápàá di aago méjì, torí gbólóhùn tó dá dúró kò jẹ́ kí àìpé rẹ̀ fara pa mọ́.

Tí irú èyí àkọ́kọ́ bá sì jẹ́ tiyín láti gbà, ẹ má dáhùn pẹ̀lú «ó dáa, a ó ríra». Gbólóhùn méjì tí wọ́n fi kọ́mà lẹ̀ nìyẹn náà, kò sì sí aago nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo nínú gbólóhùn kan ṣoṣo: «Aago mélòó gan-an ni kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?» Ẹ má bi í pé ṣé àárọ̀ ni àbí ọ̀sán, torí ẹni tó kọ gbólóhùn mẹ́sàn-án láìdúró yóò fèsì pé «bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìṣòro», ẹ ò sì tíì mọ ìgbà tí ẹ máa jáde nílé.