Fàyàwọ́ sìgá àti owó orí: ẹ wo Kánádà

"Bí ìjọba bá fi kún owó orí sìgá, fàyàwọ́ ni yóò gba ọjà."

Àwọn kan máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà kò jẹ́ kí n gba èyí wọlé. Nígbà tí owó orí sìgá wọ́n sókè gidigidi níbẹ̀ ní 1991, sìgá tí wọ́n bá kó lọ sí Amẹ́ríkà kì í san án. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń kó ojúlówó ọjà tiwọn, kì í ṣe ayédèrú, lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ń mu irú sìgá bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn onífàyàwọ́ a sì kó o padà wá, pàápàá gba Akwesasne, ilẹ̀ ẹ̀yà Mohọ́ọ̀kì tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, èyí tí ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì là já. Ní 1992 ìjọba gbé owó orí lé sìgá tó ń jáde, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi fúngun mọ́ ìjọba, tí ìjọba sì fagi lé e. Ní oṣù Kejì 1994 wọ́n dín owó orí kù. Fàyàwọ́ rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá pọ̀ sí i. Ní 2008, méjì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà gbà ní kóòtù pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì fara mọ́ sísan owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là Kánádà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dín owó orí kù ní tirẹ̀. Láti 2000, àwọn aṣọ́bodè pọ̀ sí i, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tó ń wo inú kọ̀ńténà. Fàyàwọ́ sìgá sì dínkù bí owó orí ṣe ń ga.